Nín tàbí Nǐ: Bí A Ṣe Ń Pe Àgbà àti Aláṣẹ Nínú Ímeèlì Èdè Ṣáínà

Ọmọ tí a bí sí Àgọ́-Àrẹ kò nílò ìwé kankan kí ó tó mọ̀ pé a kì í pe àgbà ní "ìwọ". Láti ìgbà tí ó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ni ìyá rẹ̀ ti ń tún ẹnu rẹ̀ ṣe: "Kì í ṣe 'o káàárọ̀', 'ẹ káàárọ̀' ni." Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dàgbà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Ṣáínà, tí olùkọ́ sì sọ fún un pé nǐ (你) ni a ń pe ẹgbẹ́ ẹni, nín (您) ni a ń pe ẹni ọ̀wọ̀, ó máa ń rò pé ohun tí òun ti mọ̀ nílé náà ni. Ó fi 你 sípò "o", ó fi 您 sípò "ẹ", ó sì kọjá sí ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ohun tí ó mọ̀ nílé yóò ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Etí rẹ̀ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan lè ba ẹ̀bẹ̀ ńlá jẹ́, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ kò sì ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ" tiwa àti 您 tiwọn kò jọ rìn délé. Ọ̀nà wọn yà níbì kan, ibẹ̀ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń ṣìnà, pàápàá nínú ímeèlì, níbi tí kò ti sí ìdọ̀bálẹ̀, tí kò sí ìkúnlẹ̀, tí a kò sì gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn jù lọ ni àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn tó ń wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ láti gbà wá a. Ọ̀kan ń gba ọwọ́ ẹ́ńbásì kọjá. Èkejì ni kí ẹ kọ̀wé tààrà sí yunifásítì kan ní Ṣáínà. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì gbọ́dọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 35, ẹni tó bá sì fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ kéré sí 40. Ẹni tó bá gba ọ̀nà kejì yìí máa ń nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tí yóò kọ lẹ́tà pé òun gbà láti bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n ń pè ní 接收函. Ẹ kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí, òun náà kò sì mọ̀ yín. Ímeèlì kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ ṣojú yín.

Ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ni yóò sì kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́ èdè náà, bóyá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Kọnfúṣíọ̀sì ti Yunifásítì Èkó tàbí ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka, tí ó sì fẹ́ fi Màndàrínì gba iṣẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò ní ìdí láti fi ohun tó mọ̀ pamọ́. Bí ẹ bá ti fi èdè wọn kọ̀wé sí wọn, wọ́n á fi òdiwọ̀n èdè wọn wọ̀n yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ méjèèjì fúnra wọn. 你 ni àmì tí ẹ máa rí tí ẹ bá tẹ ni lórí kíbọọ̀dù pínyìn. Bí ẹ bá tẹ nin, 您 ni yóò jáde. Ẹ wò ó dáadáa: 您 jẹ́ 你 tí wọ́n gbé ka orí 心, ìyẹn ọkàn. Fóònù kékeré máa ń mú kí méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń kánjú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yí padà nítorí èyíkéyìí nínú wọn. Nítorí náà, kò sí ohun mìíràn nínú gbólóhùn tí yóò ta yín lólobó pé ẹ ti ṣì í. Bí ẹ bá fi lẹ́tà n kan sílẹ̀, gbólóhùn náà yóò ṣì tọ́ délẹ̀delẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní "ìwọ".

Ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀nà ti yà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ orí ni a kọ́kọ́ ń wò. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé tó sì ju ọ̀gá báńkì lọ lọ́jọ́ orí lè pe ọ̀gá náà ní "o" bí ó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀. Ní Ṣáínà, bí ìwé bá ti jẹ́ ìwé iṣẹ́, ipò àti àjèjì ni wọ́n ń wò ṣáájú ọjọ́ orí. Òṣìṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lè jẹ́ ọmọbìnrin tí ẹ fi ọdún márùn-ún jù lọ. Ẹ lè rí fọ́tò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi òṣìṣẹ́ hàn, kí ọkàn yín sì sọ fún yín pé àbúrò yín ni. Ẹ má gbọ́ ti ọkàn yìí. 您 ni ẹ máa kọ sí i, 老师 ni ẹ ó sì máa pè é, bí kò tilẹ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé rí. Lóòótọ́, olùkọ́ ni ìtumọ̀ 老师, ṣùgbọ́n nínú ọgbà yunifásítì wọn, gbogbo òṣìṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ohun í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Òun náà lè dá yín lóhùn pẹ̀lú 您. Ìyẹn máa ń dà wá láàmú, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnì kan bá sọ "ẹ" fún wa, ó ti sọ irú ẹni tí ó rò pé a jẹ́ sí òun. Èdè iṣẹ́ lásán ni tirẹ̀, bí òṣìṣẹ́ báńkì wọn ṣe ń kí oníbàárà ni ó ṣe kí yín. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ti di àgbà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Ibì kejì tí ọ̀nà ti yà máa ń ya àwọn ará wa lẹ́nu jù. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ṣáínà, ọmọ a máa pe ìyá tó bí i ní 你. Yóò ní "妈,你吃了吗?", ìyẹn ni pé ó ń bi màmá bóyá ó ti jẹun. Ìyá náà kò ní bínú. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nínú fíìmù lè parí èrò sí pé àwọn ará Ṣáínà kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí, pé 你 dára fún gbogbo ènìyàn. Àwa Yorùbá ní ohun tó lè là á yé wa. Ní Àgọ́-Àrẹ, ní Tedé, ní Ṣakí àti ní Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ ni ẹnu wa, a kì í sì dá àgbà kan ṣoṣo lóhùn láìlo "ẹ". Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó, ọmọ lè pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ" ní ilé kí ó má sì jẹ́ àfojúdi rárá. Ará Ọ̀yọ́ tó bá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ a máa bínú lásán. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Ó ti pè é ní "bàbá mi", ọ̀wọ̀ sì ti wà nínú orúkọ tí ó fi pè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ṣáínà rí. Bèjíǹgì àti àwọn ìlú àríwá ni ilé 您. Àwọn ará ibẹ̀ a máa lò ó fún òbí, fún aládùúgbò, fún oníbàárà. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èdè ìbílẹ̀ ibẹ̀ kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu àwọn ènìyàn kì í sì sábà yà sí i nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo ń sọ. Ìwé yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará gúúsù tí kì í pe ìyá rẹ̀ ní 您 yóò kọ 您 nígbà tó bá ń kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka kan tí kò mọ̀ rí, yóò sì retí rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá ìlú rẹ̀ lórí máàpù kí ẹ tó pinnu. Nínú ímeèlì àkọ́kọ́ sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà jù yín lọ tí kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín, tàbí tó wà nípò tí ẹ ti fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, 您 ni. N kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí 您 bí nínú nínú lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ibì kẹta ni mo fẹ́ dúró lé pẹ́ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbẹ̀wẹ̀ ti ń bàjẹ́. "Ẹ" lédè wa lágbára gan-an. Bí ọmọdé bá sọ fún àgbà pé "Ẹ fún mi lómi", kò dára tó, ṣùgbọ́n kò burú jù, "ẹ" ti gbé apá kan nínú ẹrù náà. 您 kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nìkan. Orúkọ oyè ló máa ń gbé apá tó pọ̀ jù, bí a ṣe béèrè ló sì gbé ìyókù. Ẹni tó bá kó gbogbo ìrètí rẹ̀ lé 您 nìkan yóò kọ ìwé tó kún fún 您 tó sì tún jẹ́ ti aláìlójútì.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àgọ́-Àrẹ ń jẹ́ Adé. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo sí ilẹ̀ tí òjò kì í pọ̀ sí, nítorí pé irú ilẹ̀ tó ń di bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa. Ó rí i pé ní Yáńlíǹgì, ní ìpínlẹ̀ Ṣáńṣì, yunifásítì ńlá kan wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, 西北农林科技大学, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999 nígbà tí wọ́n pa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí bíi mélòó kan pọ̀. Ká tún ní ó rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ 王. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

王教授,你好!
我叫阿德,我是尼日利亚人。我要您给我一封接收函。我的老师写了推荐信,他们很了解我。请你快回复。
祝你身体好!

Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kà. Ẹni tó bá kà á yóò mọ ohun tí Adé ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń bọ́ sọ́tùn-ún bọ́ sósì: ó kí i pẹ̀lú 你, ó béèrè pẹ̀lú 您, ó tún padà sí 你 nígbà tó ń dágbére. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibi tó sì ti ń wá ni pé ìkíni àti ìdágbére jẹ́ gbólóhùn tí wọ́n há sórí láti ìwé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, níbi tí ọ̀rẹ́ ti ń kí ọ̀rẹ́. 您 tó wà láàárín ni wọ́n ronú kí wọ́n tó kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò rí i pé ọmọ náà mọ 您, kò kàn lò ó nígbà tó kí òun. Ìyẹn burú ju kí ó má mọ̀ ọ́n rárá.

Ẹ jẹ́ ká ní ó wá tún gbogbo 你 ṣe sí 您, kó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ó ṣì kù. 我要您给我 ni "mo fẹ́ kí ẹ fún mi". 请您快回复 ni "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn kíákíá". Àṣẹ ni méjèèjì, 您 tó wà nínú wọn kò sì yí wọn padà. Adé rò pé 请 ni "ẹ jọ̀wọ́", pé ẹni tó bá ti bẹ̀bẹ̀ ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í fún ẹni òkè ní gbèǹdéke, ìbáà tilẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń yí ìbéèrè náà padà kí ó lè jẹ́ ohun tí ẹni náà lè kọ̀ láìdójú ti ẹnikẹ́ni: 不知您是否, "n kò mọ̀ bóyá ẹ"; 能否麻烦您, "ṣé mo lè yọ yín lẹ́nu". Ní ìparí, wọ́n á sọ pé àwọn ń retí èsì, wọn kò ní sọ pé kí ó yá.

Bí ó ṣe yẹ kí lẹ́tà náà rí nìyí:

尊敬的王教授:
您好!
我叫阿德,来自尼日利亚奥约州,大学学的是农学。我读了您关于旱地玉米的论文,很希望能跟您读硕士。我准备申请中国政府奖学金,不知您今年是否招收国际学生?如果可以,能否麻烦您给我写一封接收函?我的成绩单和两位老师的推荐信都在附件里。
打扰您了,非常感谢!期待您的回复。
此致
敬礼!
学生 阿德 敬上

Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wa rèé: "Sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wáng, ẹni ọ̀wọ̀. Ẹ ǹ lẹ́ o. Orúkọ mi ni Adé, láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Nàìjíríà. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti ka iṣẹ́ ìwádìí yín lórí àgbàdo ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì wù mí kí n ṣe oyè kejì lábẹ́ yín. Mo fẹ́ wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà, n kò mọ̀ bóyá ẹ ó gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún yìí. Bí ó bá ṣeé ṣe, ṣé mo lè yọ yín lẹ́nu láti bá mi kọ lẹ́tà ìgbàwọlé kan? Èsì ìdánwò mi àti lẹ́tà àwọn olùkọ́ mi méjì wà nínú fáìlì tí mo so mọ́ ọn. Mo dà yín láàmú, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ń retí èsì yín." Ìdágbére tó tẹ̀ lé e, 此致 敬礼, jẹ́ ti ìwé iṣẹ́, wọ́n máa ń pín in sí ìlà méjì. 敬上 lẹ́yìn orúkọ fi hàn pé ọ̀dọ̀ ẹni ìsàlẹ̀ ni ìwé ti ń lọ sókè.

Ẹ ka 您 inú rẹ̀, méje ni. Kò pọ̀ jù, kò sì kéré. Èdè Ṣáínà máa ń fi arọ́pò-orúkọ sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti hàn, nítorí náà kò sí ìdí láti fi 您 sí gbogbo ibi tí Yorùbá bá ti ní "ẹ" tàbí "yín". Níbi tí 您 bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara kan ara wọn, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ sì wò ó bóyá gbólóhùn náà ṣì dúró. Ó máa ń dúró.

Orúkọ náà gba àkíyèsí. Ní Ṣáínà, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, nítorí náà àmì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ẹ máa mú, àyàfi bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ìdílé díẹ̀ tó ní àmì méjì, bíi 欧阳. Nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀, wọ́n lè ti yí i padà, kí orúkọ ìdílé wà lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò fi orúkọ àbísọ pe ọ̀jọ̀gbọ́n, 您 mẹ́wàá kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ lọ wo orúkọ náà níbi tí wọ́n ti fi àmì Ṣáínà kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ 副教授 ni ó wà níwájú orúkọ rẹ̀, ìyẹn ẹni tí kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún, 教授 náà ni ẹ máa pè é. Wọ́n máa ń fi 副 sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe ènìyàn. Bí oyè rẹ̀ kò bá dá yín lójú, 王老师 kò ní já yín kulẹ̀.

Mo ti fi ohun kan sílẹ̀ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ Adé. Ó kọ pé 我的老师写了推荐信,他们很了解我, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó sì ní lọ́kàn nígbà yẹn, kò tíì rí lẹ́tà èkejì gbà. Lédè wa, "Olùkọ́ mi ti kọ lẹ́tà, wọ́n mọ̀ mí dáadáa" ni yóò sọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í pé ènìyàn mélòó. Ṣùgbọ́n 他们 jẹ́ ti ènìyàn púpọ̀ nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n yóò ṣí fáìlì, yóò rí lẹ́tà kan, yóò sì máa wá èkejì. Kò sí "wọ́n" ọ̀wọ̀ nínú Màndàrínì tí a ń kọ lónìí. Àwọn ará Bèjíǹgì ìgbà kan ní 怹 fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa àgbà tí kò sí níbẹ̀, ẹ tún orúkọ oyè rẹ̀ pè, 我的老师, tàbí kí ẹ kọ 他 fún ọkùnrin, 她 fún obìnrin. Ó máa ń ṣòro fún ọwọ́ ọmọ Yorùbá láti kọ 他 fún olùkọ́ rẹ̀, ó dà bíi pé ó ń tàbùkù rẹ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ohun tó jọ èyí ni 您们. Nítorí pé 你们 ni "ẹ̀yin" púpọ̀, ó bọ́gbọ́n mu lójú akẹ́kọ̀ọ́ pé 您们 yóò jẹ́ ti àwọn àgbà púpọ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́, àní láàárín àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ èdè kò fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ni 您 wà fún. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ẹ kò mọ iye ẹni tó wà níbẹ̀, 各位老师好 ni kí ẹ fi kí wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tí ẹ mọ̀, 您二位 dára. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí yunifásítì lódidi ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ fi arọ́pò-orúkọ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì kọ 贵校. Lẹ́tà kúkúrú sí ọ́fíìsì lè rí báyìí:

老师您好!
我是申请中国政府奖学金的尼日利亚学生,材料已经提交。请问贵校收到了吗?如果还缺材料,麻烦您告诉我。谢谢!

Kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan tí kò gba ìṣẹ́jú kan. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ sì tẹ 你 síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀. 您 jẹ́ àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà kò ní jáde pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá yọjú ni 你 tó sá wọlé. Ẹ tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Lórí fóònù, ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ibẹ̀ ni ó máa ń fara pamọ́ sí.

Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lè kọ ọ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni ìbínú ti máa ń bọ́ aṣọ ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá kọ 您为什么不回复我 ti béèrè ìdí tí àgbà kò fi dá òun lóhùn, bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ tó rìn gbéregbère. Ohun tó dára ni kí ẹ tún sọ ẹni tí ẹ jẹ́, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un láti kọ̀:

王教授您好!
我是上个月给您写过信的尼日利亚学生阿德。不知您是否方便看我的材料?如果今年名额已满,也没有关系。再次打扰您了。

"Bí àyè ọdún yìí bá ti kún, kò burú." Gbólóhùn yẹn ni ó máa ń mú kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti gbàgbé lè dáhùn láìsí ìtìjú.

Bí ó bá wá dáhùn, 你 ni yóò sábà kọ sí yín. Olùkọ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe yẹ kó rí. Àwọn kan máa ń rò pé ó ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn náà láti sọ ọ́ di 你. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó máa kọ 您 sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà lábẹ́ rẹ̀, àti lẹ́yìn tí ẹ bá gboyè tán. Bí ó bá sọ fún yín pé 不用客气, ó ń sọ pé kí ẹ má ṣe ṣe wàhálà, kò sọ pé kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà.

Ó yàtọ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n lè ní kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹni tó ṣáájú yín wọ ilé ìwádìí. 师兄 ni wọ́n ń pè é bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, 师姐 bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ni lójú tiwa, ọwọ́ yín yóò sì fẹ́ kọ 您 títí láé. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́: 师兄您好. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá yín lóhùn tẹ́rín-tọ̀yàyà, tí ó sì pè yín ní 你, ẹ tẹ̀ lé e. Orúkọ 师兄 ti ṣe iṣẹ́ ọ̀wọ̀ tán. Bí ẹ bá tẹpẹlẹ mọ́ 您, yóò rò pé ẹ ń jìnnà sí òun, ó sì lè sọ ọ́ ní gbangba pé 别叫我"您". Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹni tó ti ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 你 fún ọdún kan bá ṣàdédé kọ 您 sí i: ọ̀rẹ́ náà yóò béèrè ohun tí òun ṣe tó fi ń bínú. Sí ọmọ kíláàsì yín, 你 ni láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ fi ọdún díẹ̀ jù yín lọ.

Àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ṣiṣẹ́ níhìn-ín náà yóò rí ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀gá àgbà ni 总 lẹ́yìn orúkọ ìdílé, bíi 王总, 您 sì ni ìwé sí i. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ yín tó ń fi Wíṣáàtì bá yín sọ̀rọ̀ nípa sìmẹ́ńtì àti dísù yóò kọ 你 sí yín láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ sì dá a padà bẹ́ẹ̀. Bí òun àti ọ̀gá bá jọ wà nínú ímeèlì kan náà, ọ̀gá ni ẹ máa wò kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀: 王总您好 ní òkè, lẹ́yìn náà kí ẹ dá orúkọ ẹgbẹ́ yín pè níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn án, láìlo 你 tàbí 您 fún un.